Ọmọ ọjọ́ 19 tó sọ ọ̀sán di òru: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìrètí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Ìbàdàn ni mo wà, àkọ́bí mi nìyí. Ọmọ náà pé ọjọ́ 19 lónìí, àtìgbà tí a sì ti délé láti ọsibítù ló ti ń fi ọ̀sán ṣe òru. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, á sùn bí ẹni tó ti oko dé. A wẹ̀ ẹ́, a pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, a ki ọmú sí i lẹ́nu, ojú rẹ̀ kì í là tán. Ẹ jẹ́ kó di aago 9 alẹ́. Ojú á là kedere, á máa wo òkè àjà, á tún máa wá ọmú, ó di ìdájí kó tó dákẹ́.

Màmá mi tó wá bá mi wẹ ọmọ bi mí pé ṣé mo ti gbàgbé pé òru náà ló máa ń ta mí nípàá nígbà oyún ni. Òótọ́ ni o. Tí mo bá ń rìn kiri lọ́sàn-án, mi ò ní gbúròó rẹ̀. Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, eré bẹ̀rẹ̀.

Yàrá kan là ń lò. Màmá ò fẹ́ kí a ṣí kọ́tìnì lọ́sàn-án nítorí afẹ́fẹ́, wọn ò sì gbà kí a pa iná lóru, wọ́n ní a kì í fi ọmọ tuntun sínú òkùnkùn. Gílóòbù funfun kan ló ń tàn sí wa lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣé ọmọ á yí padà fúnra rẹ̀ ni, àbí nǹkan wà tí mo lè ṣe? Ojú mi ti wọnú.

Màmá Ọlọ́mọ Mẹ́fà

O kú ewu ọmọ o, o kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run á wò ó. Ọmọ mi kejì àti ìkarùn-ún ṣe irú èyí. Ohun tí mo ṣe ni pé mi ò jẹ́ kí wọ́n sùn lọ́sàn-án rárá. Tó bá ti fẹ́ tògbé, màá gbé e dìde, màá tan rédíò, màá ní kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá a ṣeré. Tó bá di aago 7 àárọ̀, màá bọ́ ọ síhòòhò, màá fi í sínú oòrùn kó yá a lára. Ẹni tí kò bá sùn lọ́sàn-án, ṣé kò ní sùn lóru ni? Fi ọ̀sán fún un ní wàhálà, òru á fún ọ ní ìsinmi.

Sùúrù Ń Bẹ

Tèmi náà rèé o, oṣù 9 ni, ó ń jí ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru, ó sì ń hu eyín. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa fún un ní oògùn ọ̀fìnkìn olómi ní ìdajì ṣíbí, pé á sùn fọnfọn. Ìyá Ìrètí, ẹ lè dán an wò.

Agbẹ̀bí Àdúgbò

Ìyá Ìrètí, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Sùúrù Ń Bẹ lóhùn, torí pé ọ̀rọ̀ tiwọn ò ṣeé fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má fún ọmọ ọjọ́ 19 ní oògùn ọ̀fìnkìn kankan, ẹ má sì fi mú ọmọ oṣù 9 sùn. Àwọn oògùn tó ń kunni lóorun yẹn lè fa èémí ọmọ kékeré sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà láti ìparí 2008 wọ 2009, nígbà tí ọmọ tó lé ní 80 kú nítorí oògùn eyín kan tí májèlé wà nínú rẹ̀. Ọmọ oṣù 9 tó ń jí lóru, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tiyín lọ́tọ̀, a ó dá yín lóhùn níbẹ̀.

Ó kan Ìyá Ìrètí. Kí n tó sọ̀rọ̀ oorun, ẹ sọ fún mi: kílò mélòó ni ọmọ nígbà tí ẹ bí i, mélòó ló wọ̀n kẹ́yìn? Ìgbà mélòó ló ń tọ̀ sí pámpáàsì láàárín wákàtí 24? Ṣé funfun ojú rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè? Tí ẹ bá jí i lọ́sàn-án, ṣé ó lágbára láti fa ọmú, àbí ṣe ló rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀? Ìdí tí mo fi ń bi yín ni pé ọmọ tó ń sùn jù lọ́sàn-án lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá tàbí tí kò rí oúnjẹ tó, kó má jẹ́ pé ó kàn ń fi ọ̀sán ṣe òru.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ gbogbo ìgbà tó mu ọmú àti ìgbà tó sùn sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí ẹ wá gbé e síbí.

Bàbá Mánṣẹ́sítà

Ẹ kú oríire o. Oṣù Kejìlá la bí tiwa níbí, àárín òtútù, òkùnkùn sì ti ń ṣú kó tó di aago 4 ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo gba iṣẹ́ òru kí ìyàwó mi lè sùn. Màá gbé ọmọ lọ sí pálọ̀, màá tan tẹlifíṣọ̀n kí oorun má gbé mi lọ, màá sì máa bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà gbádùn ara rẹ̀! Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yé mi pé èmi gan-an ni mò ń ṣe àríyá fún un. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wá nílé ló ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n, kí n máa fi kẹ̀kẹ́ tì í jáde ní ọ̀sán gangan, òtútù yòówù kó mú. Mo ṣe é. Ó tó ìgbà tó pé ọ̀sẹ̀ 9 kí òru tó wá jọ òru.

Ìyá Ìrètí

Ẹ ṣeun gan-an. Kílò 3.1 ni nígbà tí mo bí i. Lọ́jọ́ 14 ó wọ̀n 3.3. Pámpáàsì 7 ló fi ìtọ̀ bà jẹ́ lánàá, ìgbẹ́ sì wà nínú 4. Ojú rẹ̀ funfun. Tí mo bá jí i dáadáa, ó ń fa ọmú tagbáratagbára, ó kàn tètè ń padà sùn ni.

Bí àná ṣe rí rèé. Ó mu ọmú ní aago 6:30 àárọ̀, Màmá wẹ̀ ẹ́, ó sùn láti 7:30 títí di 11:45. Ó mu ọmú, ó sùn láti 12:30 títí di 4:30. Ó mu ọmú, wọ́n tún wẹ̀ ẹ́, ó sùn láti 5:45 di 9 alẹ́. Ìgbà náà ni ojú wá là. Ó mu ọmú ní 9:10, 10:40, 12, 1:15, 2:30, 3:45 àti 5. Láàárín ìwọ̀nyẹn, ó ń sùn fún bí ìṣẹ́jú 20 tàbí 40, kò jù bẹ́ẹ̀.

Agbẹ̀bí Àdúgbò

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti padà dé ìwọ̀n ìbí rẹ̀, ó sì ti kọjá rẹ̀. Ó ń tọ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ mọ́. Ọmọ yìí ò ṣàìsàn.

Ẹ wá bá mi ka bébà yín. Oorun ọ̀sán rẹ̀ jẹ́ wákàtí 11 ààbọ̀. Tí a bá fi àwọn oorun ráńpẹ́ òru kún un, á tó wákàtí 15. Ọmọ tuntun máa ń sùn tó wákàtí 14 sí 17 láàárín ọ̀sán àti òru, nítorí náà oorun kò wọ́n ọmọ yín, ibi tó tò ó sí ni kò bá yín lára mu. Ẹ tún wo ọmú. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló mu ún lánàá, iye yẹn dára, nítorí 8 sí 12 là ń retí. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló mu ún kó tó di alẹ́, ó wá mu méje yòókù láti aago 9 alẹ́ títí di ìdájí. Ó ń fi òru jẹ oúnjẹ tí kò jẹ lọ́sàn-án. Kò sí bí ẹ ṣe lè mú ọmọ tí ebi ń pa sùn, ẹ̀ báà pa gbogbo iná Ìbàdàn.

Nítorí náà, ọ̀sán ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ má jẹ́ kí oorun ọ̀sán kan kọjá wákàtí mẹ́ta. Tó bá sùn ní 7:30, ẹ gbé e dìde ní 10:30. Ẹ tú aṣọ tí ẹ fi wé e, ẹ pààrọ̀ pámpáàsì rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù díẹ̀ nu ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fún un ní ọmú. Tó bá sùn sídìí ọmú, ẹ jẹ́ kó gùfẹ̀, kí ẹ gbé e sí ọmú kejì. Tí ẹ bá lè sọ ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀sán di márùn-ún tàbí mẹ́fà, òru á fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má retí rẹ̀ lọ́la. Bí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, ẹ ó máa rí i.

Màmá Ọlọ́mọ Mẹ́fà, ẹ má bínú sí mi, ìdajì ọ̀rọ̀ yín ló tọ̀nà. Kò yẹ kí ilé pa lọ́lọ́ lọ́sàn-án nítorí ọmọ. Ẹ jẹ́ kí rédíò máa dún, kí àwọn èèyàn máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa gúnyán. Àmọ́ ọmọ ọjọ́ 19 tí wọn ò bá jẹ́ kó sùn rárá, á rẹ̀ ẹ́ kọjá àlà, á máa ké, kò sì ní mu ọmú dáadáa. Ní ti oòrùn, ẹ má tẹ́ ẹ sínú oòrùn ní ìhòòhò. Awọ ọmọ fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ jóná. Ojú ni aago inú ara ń gbà mọ ọ̀sán, kì í ṣe awọ. Abẹ́ igi tàbí fàràndà tó ní òjìji tó. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lábẹ́ igi ní ìta lè tó ìlọ́po 20 èyí tó wà nínú yàrá tí wọ́n tan gílóòbù sí, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá tilẹ̀ dijú, ìpéǹpéjú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń gbà á kọjá.

Màmá Ọlọ́mọ Mẹ́fà

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mẹ́fà ni mo bí, ara wọn sì le.

Ìyá Ìrètí

Ẹ̀yin Agbẹ̀bí, kí ló dé tí òun nìkan kò mọ òru? Gbogbo wa nínú ilé la mọ̀ ọ́n. Báwo sì ni mo ṣe máa bá màmá mi sọ ọ̀rọ̀ kọ́tìnì?

Agbẹ̀bí Àdúgbò

Nígbà tó wà nínú yín, ẹ̀yin lẹ̀ ń bá a mọ̀ ọ́n. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ara yín máa ń tú ohun kan jáde sínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mẹlatónìn. Òun ló ń sọ fún ara pé òru ti dé. Ó ń gba inú ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gé ìwọ́ ni ìránṣẹ́ yẹn dáwọ́ dúró. Ọmọ kò sì tíì lè ṣe tirẹ̀ tó. Ó sábà máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí tirẹ̀ tó máa pọ̀ lóru kó sì máa dín kù lọ́sàn-án. Àlàfo yẹn ni ẹ wà nínú rẹ̀ báyìí.

Ìyẹn ni mo ṣe sọ pé ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Ọ̀sán tó mọ́lẹ̀ àti òru tó ṣókùnkùn ń kọ́ aago náà ni. Ẹ ò lè fi agbára yí i. Ní 2004, ìwádìí kan jáde láti Lífápúù ní Ìlú Ọba lórí àwọn ọmọ tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Àwọn tó ń sùn dáadáa lóru ni wọ́n rí i pé wọ́n ti rí ìmọ́lẹ̀ jù láàárín ọ̀sán sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn ò fi hàn tán pé ìmọ́lẹ̀ ló fa oorun náà, àmọ́ èmi ò kí ń fojú fo aago yẹn mọ́. Ẹ wo bébà yín: láti 12:30 di 4:30, inú yàrá tí kọ́tìnì bò ni ọmọ yín wà.

Ní ti màmá, ẹ má bá wọn jiyàn. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹ wọ aṣọ fún ọmọ dáadáa, ẹ dé fìlà fún un, kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ jókòó sí fàràndà fún un ní ọmú fún ìṣẹ́jú 20. Kò ní sí ìjà níbẹ̀. Lóru, gílóòbù funfun tó wà lókè orí ni kí ẹ pa. Ẹ wá iná kékeré kan tó pọ́n bí iná àtùpà, ẹ gbé e sílẹ̀ nílẹ̀, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri. Yàrá ò ní ṣókùnkùn biribiri, ọkàn màmá á balẹ̀, ẹ̀yin náà á sì rí imú ọmọ. Tó bá jí, ẹ fún un ní ọmú láìsọ̀rọ̀. Àyàfi tó bá ṣu, tàbí tí pámpáàsì ti kún, ẹ má tú u. Ẹ má tan fóònù sí i lójú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ìwẹ̀ kejì láti aago 5 sí 7:30 alẹ́. Ní báyìí, ìwẹ̀ aago 5 ń mú un sùn ní àsìkò tí ẹ fẹ́ kó wà lójúfò.

Alájọgbé Múṣin

Èmi fẹ́ béèrè nípa ariwo o. Ilé onílé púpọ̀ la wà. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló ń dún lóru, ìsọ̀jí wà ní ojú ọ̀nà, ẹnì kan ń ta fídíò nísàlẹ̀. Bí ariwo bá ń sọ fún ọmọ pé ọ̀sán ni, ọmọ tèmi ò bá má sùn láéláé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 8 ló fi tò. Mo rò pé ariwo ò kan nǹkan kan.

Agbẹ̀bí Àdúgbò

Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni olórí, ariwo tẹ̀lé e láti ọ̀nà jíjìn. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ariwo nìkan lè yí aago ọmọ padà. Ohun tí mo ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé ariwo ọ̀sán kì í jẹ́ kí oorun wọ ọmọ lára jù, ó sì ń rọrùn láti jí i fún ọmú. Jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lóhùn kan náà láti alẹ́ di òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ohùn ènìyàn tó ń bá a sọ̀rọ̀. Inú oyún pàápàá kò dákẹ́. Àmọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù ju ariwo rẹ̀ lọ. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ìyá Olóṣù Méje

Ẹ jọ̀wọ́, ọsibítù tiwa sọ pé ká jí ọmọ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀sán àti òru. Ẹ̀yin ń sọ pé ọ̀sán nìkan. Èwo ni ká mú?

Agbẹ̀bí Àdúgbò

Ẹ mú ti ọsibítù yín. Oṣù méje lẹ bí i, kò tíì ní ìpamọ́ lára. Ọmọ Ìyá Ìrètí pé oṣù, ó sì ti kọjá ìwọ̀n ìbí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí wọ́n jí i lóru. Tó bá fẹ́ sùn lọ, kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Kó tó padà dé ìwọ̀n yẹn, èmi náà á ní kí wọ́n jí i lóru. Ní ti aago inú ara, ọjọ́ tó yẹ kí ẹ bí tiyín ni kí ẹ ti máa kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bí i. Ó máa pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ.

Bàbá Mánṣẹ́sítà

Mo gbàgbé ohun kan. Ọmú tí ìyàwó mi fún sínú ike ní aago 10 àárọ̀ ni mo máa ń fún ọmọ ní aago 2 òru. Wọ́n wá sọ fún wa pé mẹlatónìn wà nínú ọmú òru, pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ti ọ̀sán. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ «ọ̀sán» àti «òru» sára ike. Ṣé ìyẹn ló ṣiṣẹ́ àbí kẹ̀kẹ́ ọ̀sán? Mi ò mọ̀, ọ̀sẹ̀ kan náà la bẹ̀rẹ̀ méjèèjì.

Agbẹ̀bí Àdúgbò

Òótọ́ ni, ọmú òru ní in. Bóyá ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ tó láti mú ọmọ sùn, kò tíì dá èmi lójú. Àmọ́ owó bírò nìkan ló ná yín. Ẹni tó ń fi ọmọ sídìí ọmú tààrà kò ní láti ronú nípa rẹ̀.

Ìyá Ìrètí

Mo padà dé o. Ọmọ pé ọjọ́ 41 lónìí. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ le, ó dà bí ẹni pé mo kàn ń jí ọmọ tó ń sùn láìnídìí. Ní ọjọ́ kẹfà, ó mu ọmú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sàn-án. Fàràndà ti di ibùjókòó wa, ẹ̀ẹ̀kan ní òwúrọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn aago 1. Màmá fúnra wọn ló ń gbé àga jáde báyìí, torí pé wọ́n ń rí àwọn ará àdúgbò kí.

Ó kọ́kọ́ burú kó tó dára: láti aago 6 sí 9 alẹ́, ọmú ni ṣáá, lemọ́lemọ́. Mo rò pé ọmú mi ti gbẹ.

Lánàá, ó sùn láti 10:15 alẹ́ títí di 2:20 òru. Wákàtí mẹ́rin! Mo jí kó tó jí, mo lọ wò ó bóyá ó ń mí. Ó tún jí ní 4:30 àti 6. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tí àlejò pọ̀, tí wọ́n tan iná ńlá di aago 11, a padà sí ibi tí a ti kúrò fún òru méjì.

Agbẹ̀bí Àdúgbò

Ọmú ìrọ̀lẹ́ yẹn kì í ṣe pé ọmú gbẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má fi wàrà agolo kún un nítorí ẹ̀. Ẹ ṣì máa rí òru tó máa bà jẹ́ títí á fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ jọ̀wọ́, tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 kó tó pé oṣù mẹ́ta, tàbí tó bá ṣàdédé ń sùn jù tí kò fẹ́ mu ọmú mọ́, ẹ má kà á sí ọ̀rọ̀ aago. Ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà.

Màmá Ọlọ́mọ Mẹ́fà

O kú ìtọ́jú. Sọ fún màmá rẹ pé mo kí wọn. Ìgbà wo ni wọ́n ń padà sílé?

Ìyá Ìrètí

Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ, mà. Ọkọ mi ló máa gba ìwẹ̀ aago 7:30. Kò tíì wẹ ọmọ rí, àná ló ń fi bébà kékeré kọ ohun tí Màmá ń ṣe sílẹ̀.